Kí Ló Dé Tí Ṣáàtì Tí Mo Dá Padà Fi Dúró Síbi Ọjọ́ Tí Bákáàpù Dúró Sí?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fóònù mi bọ́ sómi lọ́jọ́ 24 oṣù tó kọjá, mo ra òmíràn lọ́jọ́ 27. Mo fi nọ́ńbà mi àti ímeèlì mi sórí WhatsApp, ó dá ṣáàtì padà lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ 6 ló dúró sí. Gbogbo ohun tó wọlé láti ọjọ́ 6 títí fóònù fi bọ́ sómi ò sí níbẹ̀. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn mẹ́sééjì tí wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí fóònù kú wọlé, ti àárín nìkan ló pòórá. Ṣebí ojoojúmọ́ ni WhatsApp ń ṣe bákáàpù? Telegram mi sì pé pérépéré. Ẹni tó ń tún fóònù àtijọ́ ṣe ní ó ti ń tàn. Ṣé mo ṣì lè rí wọn?"

Àbúrò, kí n tó sọ ohunkóhun, kọ́kọ́ pe ẹni tó ń tún fóònù yẹn ṣe, sọ fún un pé kó má fọ inú ẹ̀ o. Kó má ṣe résẹ́tì, kó má yọ WhatsApp kúrò lórí ẹ̀, kó má sì lọ tẹ `Clear storage` torí pé àyè kéré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí fóònù bá ti ń wọ́ díẹ̀, résẹ́tì ni oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ ń lò, wọn ò sì ní bi ẹ́ kí wọ́n tó lò ó. Tí ohun tó ò ń wá bá ṣì wà níbì kan tọ́wọ́ ẹ lè tó, inú fóònù yẹn ló wà. Tó o bá ti pè é tán, padà wá ká jọ tú ọ̀rọ̀ yìí wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú fún ẹ ni Telegram tó o dárúkọ yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì máa ń rò ó bó o ṣe rò ó. Lórí Telegram, ṣáàtì lásán ń gbé lórí sáfà wọn, fóònù ẹ kàn jẹ́ fèrèsé tó o fi ń wò ó ni, tó o bá pa fèrèsé kan tó o ṣí òmíràn, nǹkan kan náà lo máa rí (àyàfi `Secret Chat`, ìyẹn ò ní bá ẹ dé fóònù tuntun). WhatsApp ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Sáfà ti WhatsApp, ìránṣẹ́ ni, kì í ṣe àká. Ó gba mẹ́sééjì lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, ó gbé e wá fún fóònù ẹ, fóònù ẹ ní òun ti gbà á, ìgbà yẹn ni ẹni tó kọ ọ́ máa rí máàkì méjì, sáfà náà á sì pa tiẹ̀ rẹ́. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, ibi tí mẹ́sééjì yẹn wà láyé yìí ò ju inú fóònù ẹ àti inú fóònù ẹni tó kọ ọ́ lọ, àfi kọ̀ǹpútà tó o bá so mọ́ ọn. Àwọn tó ni WhatsApp fúnra wọn ò ní ẹ̀dà kankan tí wọ́n lè fún ẹ, bó o kọ̀wé sí wọn lójoojúmọ́. Bákáàpù wá dà bí ìgbà téèyàn ya fọ́tò inú ilé ẹ̀ lọ́jọ́ 6. Àga tó o rà lọ́jọ́ 10 ò lè sí nínú fọ́tò yẹn, bó ti wù kó o tẹjú mọ́ ọn tó. Nítorí náà ohun tó dá padà fún ẹ ò bàjẹ́, kò sì já láàárín, ó kó gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò náà wá.

Ti àwọn mẹ́sééjì tó wọlé lẹ́yìn ikú fóònù ńkọ́? Ìyẹn gan-an ló fi hàn pé bí mo ṣe sọ ọ́ ló rí. Láti ọjọ́ 24 tí fóònù kú sí ọjọ́ 27, àwọn èèyàn ń kọ̀wé sí ẹ, sáfà ń gbé e wá, kò rí ẹni gbà á, ó wá gbé e dání. Àwọn tó kọ ọ́ ń rí máàkì kan ṣoṣo. Mẹ́sééjì tí wọn ò tíì rí ẹni gbà, sáfà lè tọ́jú ẹ̀ tó ọjọ́ 30 kó tó jù ú nù. Bó o ṣe fi nọ́ńbà sórí fóònù tuntun báyìí, ó rí ibi gbé e sí, gbogbo ẹ̀ ya wọlé. Àmọ́ ti ọjọ́ 6 sí 24, fóònù àtijọ́ ti gbà á, ó ti fún wọn ní máàkì méjì, sáfà sì ti gbàgbé ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ihò fi wà láàárín tí etí méjèèjì sì pé. Mo sì mọ̀ pé nínú àwọn tó wọlé yẹn, ó ṣeé ṣe kó o rí àwọn kan tí wọ́n kọ `Waiting for this message. This may take a while.` sí lára. Ẹni tó kọ ìyẹn ti fi kọ́kọ́rọ́ fóònù ẹ àtijọ́ tì í pa kó tó rán an, fóònù tuntun sì ti dá kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀, kò lè ṣí i, ló bá ń bẹ fóònù onítọ̀hún pé kó tún un tì kó sì tún un rán. Tí onítọ̀hún bá ti ṣí WhatsApp tiẹ̀, ó sábà máa ń wọlé. Tí òun náà bá ti pààrọ̀ fóònù tàbí tó ti yọ áàpù kúrò, bó ṣe wà yẹn ló máa wà. Ohun tó yá jù ni kó o pè é, kó tún un kọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ "ojoojúmọ́" yẹn. Irọ́ kọ́, àmọ́ bákáàpù méjì ló wà lórí Android, orúkọ kan náà làwọn èèyàn sì ń pè wọ́n. Ọ̀kan ni èyí tí WhatsApp máa ń ṣe fúnra ẹ̀ ní nǹkan bí aago méjì òru, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, inú fóònù ẹ níbẹ̀ ló sì ń kó o sí. Tó o bá so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, fódà yìí lo máa rí i:

```
Android/media/com.whatsapp/WhatsApp/Databases
```

Fáìlì tó tuntun jù nínú ẹ̀ ń jẹ́ `msgstore.db.crypt14` tàbí `msgstore.db.crypt15`, wàá tún rí àwọn mélòó kan tí wọ́n kọ ọjọ́ sí lára, ti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn. Èyí ni ojoojúmọ́ tí wọ́n sọ fún ẹ. Àmọ́ inú fóònù tó bọ́ sómi náà ló wà, tí ilé bá jó, fọ́tò tí wọ́n kọ́ sára ògiri ilé náà á bá a jó ni. Ìkejì ni èyí tó ń lọ sórí àkáǹtì Google ẹ. Ìyẹn nìkan ni fóònù tuntun rí, tìyẹn sì ní àkókò tiẹ̀: o lè yan `Daily`, `Weekly` tàbí `Monthly`, o sì lè ti yan èyí tó ní kó má ṣe nǹkan kan àfi tó o bá tẹ `Back up` fúnra ẹ, kó o sì ti gbàgbé pé o yan án lọ́dún kan. Kódà tó o bá yan `Daily`, Wi-Fi ló máa ń dúró dè tó ò bá tan `Back up using cellular`. Ẹni tí kì í rí Wi-Fi, tó jẹ́ pé dátà síìmù ló ń lò látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bákáàpù tiẹ̀ lè máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lóru gbogbo láìlọ síbì kankan.

Èwo ló wá ṣẹlẹ̀ sí tìẹ? Mi ò sí níbẹ̀, àmọ́ o lè wo ó fúnra ẹ. Ọjọ́ 6 sí ọjọ́ 24, ọjọ́ méjìdínlógún nìyẹn. Tó bá jẹ́ `Weekly` lo yàn, ó yẹ kó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì láàárín ẹ̀, nítorí náà ọ̀sẹ̀ ò lè jẹ́ ìdáhùn. `Monthly` lè jẹ́ ẹ. Ohun tí mo sì fura sí jù ni pé àyè Google ẹ kún. Tẹ́lẹ̀, bákáàpù WhatsApp kì í gba àyè nínú àkáǹtì Google, láti 2024 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á mọ́ GB 15 ọ̀fẹ́ tí fọ́tò àti ímeèlì jọ ń pín. Lọ́jọ́ tí àyè yẹn bá kún, bákáàpù á dúró, àmọ́ ẹ̀dà tó ṣe gbẹ̀yìn ò ní kúrò níbẹ̀, kò sì ní sí ohun tó máa yí lójú ẹ lórí WhatsApp, wàá máa ṣáàtì lọ bó o ṣe ń ṣe é. Ìkìlọ̀ máa ń wá o, àmọ́ ta ló ń ka gbogbo ohun tó ń yọ lókè fóònù? Lọ sí `Settings`, kó o tẹ `Chats`, kó o tẹ `Chat backup` lórí fóònù tuntun, wo bó ṣe tóbi tó àti ọjọ́ tó kọ síbẹ̀, lẹ́yìn náà kó o lọ wo àyè tó kù nínú àkáǹtì Google ẹ. Tó o bá rí i pé àyè ti kún fọ́fọ́, o ti mú olè náà, ó sì ń jí ti fóònù tuntun lọ lọ́wọ́ báyìí náà nìyẹn.

Kókó kan wà níbí tí mo fẹ́ kó o dì mú dáadáa, torí òun ló máa pinnu ohun tó o lè ṣe. WhatsApp kì í da bákáàpù méjì pọ̀. Tó bá ń dá nǹkan padà, odindi ìwé kan ló ń gbé kalẹ̀, kì í ya ojú ewé láti inú ìwé yìí kó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé yẹn. Ìgbà tí áàpù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi nọ́ńbà sí i nìkan ló máa ń bi ẹ́ pé ṣé kóun dá a padà, kò sí ibì kankan nínú sẹ́tíǹgì tó o ti lè padà lọ ní kó ṣe é. Lórí Google náà, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló ń wà fún nọ́ńbà kan, tuntun bá ti gòkè, ti àtijọ́ lọ nìyẹn. Tìtorí èyí ni mo ṣe máa ń bá àwọn tó tẹ `Skip` lójú ibi tí wọ́n ti bi wọ́n jà, tí wọ́n ní àwọn á dá a padà tó bá yá. Ó lè jẹ́ pé lóru ọjọ́ yẹn gan-an, áàpù tó ṣófo á gbé òfìfo ẹ̀ gòkè lọ rọ́pò ṣáàtì ọdún mẹ́ta. Ìwọ ò tẹ̀ ẹ́, ìyẹn dáa.

Ó yá, fóònù àtijọ́. Tó bá ń tàn lóòótọ́, tí ojú ẹ̀ sì ń gbọ́ ọwọ́, ṣáàtì ẹ ń bẹ níbẹ̀ títí dé mẹ́sééjì tó wọlé gbẹ̀yìn kó tó bọ́ sómi, torí ìwé tí WhatsApp ń kọ sí gan-an wà ní kọ̀rọ̀ inú áàpù, ó yàtọ̀ sí fáìlì aago méjì òru yẹn. Tó o bá ṣí i, ó máa sọ fún ẹ pé nọ́ńbà ẹ ti wà lórí fóònù míì. Má bẹ̀rù, ìyẹn ò pa ṣáàtì rẹ́. Má tíì fi nọ́ńbà sí i o. Ohun tó kọ́kọ́ yẹ ni kó o so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kó o da fódà `Databases` tí mo kọ sókè yẹn kọ síbẹ̀, kó o fún un lórúkọ tí o ò ní ṣì mọ̀, ká ní "àtijọ́". Fóònù tó ti mumi rí, òní ló ń tàn, ọ̀la ò dájú, mo ti rí èyí tó tàn fún wákàtí méjì péré tó sì kú pátápátá, ẹni tó ni ín ń fi wákàtí méjèèjì wo fọ́tò. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣe bákan náà fún fóònù tuntun, da `Databases` tiẹ̀ kọ sínú fódà mìíràn tó ń jẹ́ "tuntun". Ẹ̀dà méjèèjì ti wà lọ́wọ́ ẹ báyìí, ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀ látìgbà yìí lọ, o lè padà síbi tí fáìlì aago méjì òru kọ̀ọ̀kan dúró sí.

Ibi tó o ti máa yan nìyí, mi ò sì ní fi irọ́ tù ẹ́ nínú. Tó o bá fẹ́ kí ọjọ́ 6 sí 24 padà sínú WhatsApp fúnra ẹ̀, ohun tó o máa ṣe ni pé wàá fi nọ́ńbà padà sórí fóònù àtijọ́. Síìmù ò pọn dandan kó wà nínú ẹ̀, kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n máa rán lo máa tẹ̀ síbẹ̀, tó o bá sì ti fi píìnì sí àkáǹtì ẹ tẹ́lẹ̀, ó máa bèèrè ìyẹn náà. WhatsApp orí fóònù tuntun á jáde fúnra ẹ̀. Ṣáàtì ẹ á wà lórí ti àtijọ́ bó o ṣe fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ 24. Lẹ́yìn náà, o lè lo `Transfer chats` tó wà nínú `Chats`, tí fóònù méjèèjì bá jẹ́ Android. Wàá yọ WhatsApp kúrò lórí fóònù tuntun, wàá tún un fi sí, wàá sì fi nọ́ńbà wọlé, fóònù tuntun máa fi àmì onígun mẹ́rin kan hàn, ti àtijọ́ á wò ó, ṣáàtì á sì kọjá tààrà láìgba orí Google. Tàbí kó o tẹ `Back up`, kó o dúró, kó o sì rí i pẹ̀lú ojú ẹ pé ọjọ́ tó wà níwájú ti Google ti yí padà sí tòní, kó o tó yọ WhatsApp kúrò lórí fóònù tuntun, kó o tún un fi sí, kó o sì dá a padà. Èmi fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ tí àyè Google bá kún, kò sì ní ná ẹ ní dátà.

Àmọ́ wo ohun tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Fóònù àtijọ́ ò mọ nǹkan kan nípa ọjọ́ 24 sí òní. Fóònù tuntun ló gba ìyẹn, sáfà sì ti pa á rẹ́. Tó o bá gbé ìwé fóònù àtijọ́ wá, ihò tó wà ní ọjọ́ 6 sí 24 á dí, òmíràn á sì ṣí láti 24 dé òní. O ò dí ihò, o kàn gbé e sún síwájú ni. Ìbéèrè tó yẹ kó o bi ara ẹ nìyẹn, èwo ló wúlò fún ẹ jù nínú méjèèjì? Ọjọ́ méjìdínlógún tó sọnù yẹn lè ní ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ràn nínú, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ mélòó kan tó o fi ń sọ fún èèyàn pé "fóònù mi bàjẹ́" ò já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ ni èyí tó wà lórí fóònù tuntun ń wúwo sí i o, nítorí náà tó o bá máa ṣe é, ọ̀sẹ̀ yìí sàn ju oṣù tó ń bọ̀ lọ. Kó o sì tó fi nọ́ńbà padà sórí fóònù àtijọ́ rárá, wọ inú àwọn ṣáàtì tó ṣe pàtàkì lórí fóònù tuntun lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹ àmì mẹ́ta tó tò sókè, `More`, lẹ́yìn náà `Export chat`, kó o fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara ẹ. Fáìlì tí èèyàn lè kà ni wàá rí, kò ní lè padà wọnú WhatsApp mọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà á wà. Má sì máa gbé nọ́ńbà lọ gbé e bọ̀ bíi bọ́ọ̀lù, tó o bá ti bèèrè kóòdù lẹ́ẹ̀mẹta ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọ́n á ní kó o dúró wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó rán òmíràn, fóònù olómi ò sì ní dúró dè ẹ́.

Ẹlòmíì lè wà níbí tí fóònù tiẹ̀ ń tàn àmọ́ tí ojú ẹ̀ ti fọ́, tí kò lè tẹ kóòdù. Tí kọ̀ǹpútà bá lè ka inú ẹ̀, fáìlì aago méjì òru ló kù tó o lè gbára lé. Wàá gbé fódà `Databases` yẹn sí ojú kan náà lórí fóònù tuntun kó o tó ṣí WhatsApp tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí, wàá má tíì so àkáǹtì Google mọ́ fóònù náà kó má bàa sáré lọ gbé ti Google wá, nọ́ńbà kan náà lo sì gbọ́dọ̀ fi wọlé, torí ti nọ́ńbà míì ò ní ṣí. Fún tìẹ, ìyẹn á gbé ẹ dé aago méjì òru ọjọ́ 24, ohun tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà ò ní sí níbẹ̀. Tó o bá sì ti fìgbà kan tan bákáàpù tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ tì pa, èyí tí fáìlì ẹ̀ máa ń parí sí `crypt15`, ọ̀rọ̀ yẹn tàbí kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 64 ẹ̀ nìkan ló lè ṣí i. Tó o bá ti gbàgbé ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá ẹ ṣí i, ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é nìyẹn.

Tí gbogbo ìyẹn bá kọ̀, rántí pé mo sọ níbẹ̀rẹ̀ pé mẹ́sééjì kan ń gbé níbi méjì. Fóònù tìẹ lo sọ nù, tẹni tẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀ ò sọ nù. Àdéhùn tẹ́ ẹ ṣe, àdírẹ́sì tó kọ ránṣẹ́, fọ́tò rìsíìtì, gbogbo ẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Ní kó lo `Export chat` lórí ṣáàtì tìẹ kó sì fi ránṣẹ́ sí ẹ. Nínú gúrúùpù, ẹnì kan péré tó wà níbẹ̀ látìgbà yẹn ti tó. Àwọn èèyàn máa ń tijú láti bèèrè èyí, mi ò mọ ìdí tí wọ́n fi ń tijú, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ibi tí kò ti ní ṣiṣẹ́ ni ibi tẹ́ ẹ ti tan mẹ́sééjì tó ń pòórá fúnra ẹ̀, tàbí tí òun náà ti pa á rẹ́.

Ó yẹ kí n mẹ́nu kan kọ̀ǹpútà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tìẹ ti bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́, torí ẹlòmíì ń ka èyí tí fóònù ẹ̀ kú láàárọ̀ yìí. WhatsApp tó o so mọ́ kọ̀ǹpútà ní ẹ̀dà tiẹ̀, ó sì lè máa ṣiṣẹ́ lọ fún ọjọ́ 14 láìsí fóònù. Àmọ́ lójú ẹsẹ̀ tó o bá fi nọ́ńbà sórí fóònù tuntun, ó máa já kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀. Obìnrin kan pè mí nígbà kan, fóònù ẹ̀ ti kú, ó ti gbé tuntun lọ́wọ́, síìmù ti wà nínú ẹ̀, ó fẹ́ kí n sọ bóun ṣe máa dá ṣáàtì padà. Mo bi í pé bákáàpù rẹ ti ìgbà wo, ó ní òun ò mọ̀. Mo bi í pé ṣé o ní kọ̀ǹpútà tó o fi ń ṣe WhatsApp, ó ní ó wà níwájú òun níbí. Mo ní kó gbé fóònù tuntun yẹn sílẹ̀. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń ṣí ṣáàtì àwọn oníbàárà ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń da ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kọ, ó ń tọ́jú fọ́tò, ó lo odindi ọ̀sán kan. Lálẹ́ tó wá fi nọ́ńbà sórí fóònù tuntun, bákáàpù tó gbé wá ti pé oṣù méjì. Ká ní ó ti tẹ kóòdù yẹn láàárọ̀ ni, oṣù méjì yẹn ti lọ.

Tó bá jẹ́ iPhone lò ń lò, ọ̀rọ̀ náà tún tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí fáìlì aago méjì òru kankan níbẹ̀, ti iCloud ló wà, GB 5 ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún ẹ ò sì pẹ́ kún. Ẹni tó bá sì pè ẹ́ pé òun ní áàpù tó lè kó mẹ́sééjì àárín yẹn jáde látọ̀dọ̀ WhatsApp, bi í pé látinú kí ni? Sáfà ò ní in. Tó bá wá ní kó o fún òun ní kóòdù onínọ́ńbà mẹ́fà, àkáǹtì ẹ ló fẹ́ gbé lọ, kì í ṣe mẹ́sééjì ló fẹ́ wá.

Fún fóònù tuntun, yọ àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú àkáǹtì Google lónìí. Nínú `Chat backup`, pa `Include videos`, fídíò ló máa ń gbé nǹkan tó yẹ kó jẹ́ mẹ́gábáìtì ọgọ́rùn-ún mélòó kan dé GB mẹ́jọ. Yan `Daily`, tan `Back up using cellular` tí dátà ẹ bá gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn tẹ `Back up` fúnra ẹ, jẹ́ kó parí, kó o sì wo ọjọ́ méjèèjì tó kọ sábẹ́ `Last Backup`, ti `Local` àti ti Google. Tí `Local` bá jẹ́ tòní tí ti Google sì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ti Google yẹn ni kó o kà, torí ibẹ̀ ni fóònù tó kàn máa ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ tó o bá ti pinnu pé wàá gbé ti fóònù àtijọ́ wá, fi èyí sílẹ̀ títí wàá fi ṣe ìyẹn tán, kí GB tó o fẹ́ fi rán ti ọjọ́ 24 gòkè má bàa tán sórí èyí tó o máa pa rẹ́.